Orúkọ Ọkùnrin Lórí Iṣẹ́ Jẹ́jẹ́

Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é nílé ìtẹ̀wé tí a ti jọ ṣiṣẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í jáde ju “ẹ ṣé, sà” lọ. Èmi ni mò ń ka ìwé láti yọ àṣìṣe inú rẹ̀, òun ló ń to ojú ìwé. Ọdún méje gbáko la fi jókòó kojú síra wa nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, mi ò sì rí i kó bínú rí. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ tó já wọlé mi ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tó ju báàgì rẹ̀ sórí àga, tó ní, “Mo fẹ́ lu èèyàn.”

Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi lójú.

Àwòrán ọkùnrin kan ni mo rí, kóòtù rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo ojú rẹ̀, ó gbé ife-ẹ̀yẹ onígíláàsì kan sókè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀ ló ṣe ìkànnì ayélujára tó dára jù lọ lọ́dún yẹn, fún ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sí i: “Inú ilé wa ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti jáde. Àwọn ọmọ wa méjìlá ló fi òógùn wọn ṣe é.”

“Èmi ni méjìlá náà,” Jẹ́jẹ́ wí.

Ọjọ́ yẹn ló tó sọ ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta fún mi. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mi ò mọ̀. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé wa kógbá sílé, oníkálukú wa ọ̀nà tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì, ó sì ń ṣe é fáwọn èèyàn kéékèèké: aránṣọ, onílé-ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan tó ń ta àga àti tábìlì. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Àwọn tó ni iṣẹ́ gan-an ni kò rọrùn fún un. Wọ́n á pè é kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ní kó fi òdòdó sí i, wọ́n á ní kó yọ òdòdó kúrò, wọ́n á wá ní àbúrò àwọn lè ṣe é ní ìdajì owó yẹn. Kò mọ dúnàádúrà ṣe. Bí wọ́n bá ti mójú le díẹ̀, á ní kí wọ́n mú iye tó bá wà lọ́wọ́ wọn wá.

Ọ̀gá, ọkùnrin inú àwòrán yẹn, rí ìkànnì ọkùnrin tó ń ta àga náà, ó sì pè é.

“Àbúrò mi,” ó ní, “iṣẹ́ nìkan ni kó o máa ṣe. Èmi á wá oníbàárà, èmi á bá wọn jókòó, èmi á gba èébú wọn. Orúkọ tiwa ló máa wà lórí iṣẹ́, ìwọ á sì gba owó rẹ jẹ́jẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà tù ú lára. Kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń rán aṣọ fún ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ṣọ́ọ̀bù á sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Ẹni tó bá lọ wá oníbàárà, tó ń bá wọn wíjọ́, tó ń ru ẹ̀bi bí nǹkan bá bàjẹ́, ó yẹ kí tirẹ̀ wà nínú owó náà, kó tiẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú. Jẹ́jẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé àdéhùn dé, ojú ìwé mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà á. Inú yàrá méjì kan náà lòun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù, ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í fo ìlà kankan nínú ìwé. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ibi mẹ́ta. Èkíní ní Jẹ́jẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, pé òun ló ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí. Èkejì ní kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà Ọ̀gá kankan títí ọdún kan yóò fi pé lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ní wọn ò ní sanwó fún un àfi tí oníbàárà bá ti sanwó fún wọn.

“Èyí tó gbẹ̀yìn yìí,” Màmá ní, “bí oníbàárà wọn bá sá lọ ńkọ́?”

“Màmá, ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Wọn ò lè sá.”

“Mo ti rí àwọn ńlá tó sá. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní àdírẹ́sì ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà kó lè máa kọ̀wé sáwọn oníbàárà tààrà. Orúkọ ọkùnrin ló wà lórí rẹ̀, orúkọ ẹni tí kò sí láyé rí. Ọ̀gá ní àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ pé ará ìta ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn. “Kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin?” Jẹ́jẹ́ béèrè. Ọ̀gá ní bí ó ṣe rọrùn nìyẹn.

Bí Jẹ́jẹ́, obìnrin, ṣe di ọkùnrin nìyẹn o. Bí ìpàdé bá wà lórí ayélujára, á pa kámẹ́rà rẹ̀, á pa ohùn rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ọ̀rọ̀ tó le, á yára tẹ ìdáhùn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá, Ọ̀gá á kà á síta bíi pé inú orí tirẹ̀ ló ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé, “Ẹ má gbà fún wọn o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn máa gbà.” Ọ̀gá ka gbogbo rẹ̀ síta pátá, tòun ti “ẹ má gbà fún wọn o.” Ọ̀gá wúkọ́. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ń sọ èyí fún mi, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè rín in.

Nígbà tí iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé, kò jókòó sílé kó máa fi ọkàn rò ó. Ó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó lórí àga onírin níbi táwọn ará ilé aláìsàn ń dúró sí, bíi pé òun náà ń retí ẹnì kan. Ẹ̀rọ mẹ́jọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn tó nílò rẹ̀ sì ju ogójì lọ. Ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí nọ́ọ̀sì sọ fún pé ẹlòmíràn ti wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Bàbá náà kò jà. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ lọ sílé, ó ṣe ìkànnì tí ọmọ bàbá náà lè ṣí lórí fóònù tó rẹlẹ̀ jù lọ, kó rí ẹ̀rọ tó ṣófo àti wákàtí tó ṣófo, kó sì mú un kí wọ́n tó kúrò nílé. Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi. Kò sí òdòdó níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan wákàtí kan, ìkànnì náà á ti wákàtí yẹn pa fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí onítọ̀hún á fi kọ orúkọ rẹ̀ tán, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtìpa kékeré yẹn nìkan, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe é.

Mẹ́trọ̀n ilé ìwòsàn náà kọ̀wé sí ọkùnrin tí kò sí: “Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Láti oṣù mẹ́ta, a ò tíì dá ẹnì kankan padà sílé.” Jẹ́jẹ́ kà á, ó sunkún, ó sì dáhùn lórúkọ ọkùnrin pé òun dúpẹ́, mà.

Láàárín ọdún mẹ́ta wọ̀nyẹn, Ọ̀gá ń kó iṣẹ́ fún un bí ẹni ń kó ẹrù fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí aránṣọ padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, Ọ̀gá ní, “Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Mo nílò rẹ lójoojúmọ́.” Ó fi aránṣọ sílẹ̀. Ó fi onílé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Kò ṣàkíyèsí ọjọ́ tó di pé gbogbo ohun tóun àti ìyá rẹ̀ ń jẹ, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń wá, ọwọ́ tí kò sì ṣèlérí ohunkóhun. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Kò ní ìsinmi, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ kankan kí wọ́n tó lé e. Bí ó bá ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn.

Iye tó ń gbà kò sì yí padà. Bó bá ti béèrè, Ọ̀gá á ní àwọn oníbàárà kò lówó. Ti ilé ìwòsàn yẹn, ó ní ọ̀kẹ́ owó márùn-ún péré ni wọ́n lè san, òun sì ń fún Jẹ́jẹ́ ní mẹ́ta nínú rẹ̀ nítorí àánú rẹ̀ ń ṣe òun.

Nínú ọ̀sẹ̀ tí àwòrán ife-ẹ̀yẹ jáde ni Mẹ́trọ̀n tún kọ̀wé sí ọkùnrin tí kò sí. Ó ní kó bá òun wo ìwé owó tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́, ìlà kan níbẹ̀ kò yé òun. Ó so ìwé owó náà mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ṣí i.

Ogún ni wọ́n san.

“Ká ní ó sọ fún mi pé ogún ni,” ó wí fún mi ní yàrá mi, “ká ní ó ní, Jẹ́jẹ́, mò ń gba ogún, mo máa fún ọ ní mẹ́jọ, méjìlá ni tèmi nítorí èmi ni mo wá wọn, màá gbà. Màá gbà tayọ̀tayọ̀! Ó ní márùn-ún ni. Ó ní àánú mi ń ṣe òun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀!”

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ síbẹ̀. Mo bá a lọ dé ẹnu ọ̀nà.

Kò tíì dé ilé-iṣẹ́ náà rí. Òkè kẹta ilé kan ni, kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, àga mẹ́rin. Obìnrin tó ń ṣírò owó wọn ló jókòó síwájú. Ó béèrè ẹni tó ń wá. Kí Jẹ́jẹ́ tó dáhùn, ó gbójú sókè wo ògiri. Wọ́n kọ “Àwọn Ènìyàn Wa” sí i gàdàgbà, àwòrán méjìlá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkẹrin ni ọkùnrin tí kò sí. Wọ́n ti wá ojú fún un: irùngbọ̀n dáadáa, awò ojú, ẹ̀rín pẹ̀lẹ́. Ibi tí wọ́n ti rí àwòrán náà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Jẹ́jẹ́ dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bíi pé òun ń wo olè tó wọ aṣọ òun ló rí lára òun.

Ọ̀gá jáde, ó yà á lẹ́nu, ó fà á wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ gbé ìwé owó náà síwájú rẹ̀.

“Ta ló fi èyí hàn ọ́?”

“Ẹ fi orúkọ ọkùnrin sí mi lára. Ọkùnrin náà ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Ọ̀gá fara ti àga rẹ̀. “O ò mọ ohun tó ń lọ nínú òwò. Iná, háyà, owó orí, àwọn tí mo ní láti gbé lọ jẹun kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́.”

“Mo mọ̀. Mi ò bá yín jà lórí pé ẹ jèrè. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé márùn-ún ni.”

“Kí lo wá fẹ́ báyìí?”

Ó sọ ọ́. Ó fẹ́ kí owó òun di mẹ́jọ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì fẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda kan pé òun lè fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà han ẹni tóun bá ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kódà bí wọn ò bá gbé e síta fáráyé.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á rò ó. Ó tiẹ̀ sìn ín dé àtẹ̀gùn.

Kò bá a jà, kò bú u, kò lé e. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ ìwọlé sí ímeèlì náà kò gbà á mọ́. Ó pè, wọn ò gbé e. Ó kọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá. Ó wá mọ̀ pé wọ́n ti gbé orúkọ ọkùnrin náà fún ẹlòmíràn. Irùngbọ̀n kan náà ni, orúkọ kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí wáṣẹ́. Aránṣọ ti rí ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ kan pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, obìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká rí ohun tí ẹ ti ṣe láti ọdún mẹ́ta.” Jẹ́jẹ́ rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ìkànnì ọkùnrin tó ń ta àga nìkan ló ní láti fi hàn, ìyẹn sì ti pẹ́ débi pé ọkùnrin náà kò ta àga mọ́. Obìnrin náà wò ó tàánútàánú. “Ṣé ẹ bímọ ni, àbí ẹ sinmi?”

Ó padà wá sọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì mi débi pé kọ́ọ̀pù ṣubú. “Mo sinmi! Ó ní mo sinmi!”

Ọjọ́ Ajé kan ni Ọ̀gá pè é. Màmá ló sọ fún mi pé ìpè mọ́kànlá ni kí Jẹ́jẹ́ tó gbé e.

“Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan ló dé. Ìkànnì ilé ìwòsàn yẹn ń fún ẹni méjì ní ẹ̀rọ kan náà ní wákàtí kan náà. Láàárọ̀ yìí wọ́n ń pariwo lé nọ́ọ̀sì lórí. Wọ́n ti dá ẹni méjì padà sílé.”

Jẹ́jẹ́ dáhùn: “Ẹ̀yin lẹ yọ ìtìpa yẹn.”

“Ọmọ tuntun náà ní ó ń jẹ́ kí ìkànnì fà. Jọ̀ọ́, bá mi tún un ṣe lónìí.”

“Ẹ wá sílé.”

Ó wá. Ó bá Màmá ní yàrá iwájú, awò ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀, ìwé àdéhùn ojú ìwé mẹ́fà wà lórí itan rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, Jẹ́jẹ́ ló ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Màmá ní kó jókòó.

“Màmá, ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Àwọn aláìsàn ni.”

“Kí lo ń fi àwọn aláìsàn dẹ́rù bà á fún?” Màmá ní. “Òun ló mọ̀ wọ́n. Ìwọ ò dé ibẹ̀ rí.”

Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Màá tún un ṣe lónìí, nítorí àwọn tí wọ́n dá padà. Àmọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, ẹ máa pe Mẹ́trọ̀n níwájú mi, màá sì fi ohùn ara mi bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ òní, ẹ máa san ìdajì rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ san ìyókù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ti san, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ sí i pé mo lè fi iṣẹ́ náà hàn bíi tèmi. Kí ẹ sì yọ ilé ìwòsàn náà kúrò nínú òfin ọdún kan yẹn.”

“Ìyẹn tó gbẹ̀yìn kò ṣeé ṣe,” Ọ̀gá ní kíá. “Mo wá wọn fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó gbà. O fẹ́ gba oníbàárà mi.”

“Ẹ gbà pé ẹ ti gba orúkọ mi?”

“Kò sẹ́ni tó gba orúkọ rẹ. O fọwọ́ sí i!”

“Mo fọwọ́ sí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀! Mi ò fọwọ́ sí i pé ẹ lè purọ́ fún mi!” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ariwo láti ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gbé lókè pa rédíò rẹ̀.

Màmá fi ìka kan ojú ìwé. “Ọ̀gá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ wọn fún ọdún kan. Òótọ́ ni, a kà á. Ó sì ti pa á mọ́: ó mọ nọ́ńbà obìnrin yẹn, kò pè é, nígbà tí ìwọ kò fún un ní nǹkan jẹ. Mo fẹ́ kó o rántí ìyẹn bó o bá ń pè é ní ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ lóníbàárà.”

Ọ̀gá fi ọwọ́ nu ojú. Fóònù rẹ̀ ń dún, ilé ìwòsàn ni. Wọ́n dúnàádúrà fún ogún ìṣẹ́jú, Jẹ́jẹ́ tí kò mọ dúnàádúrà ṣe kò sì sún kúrò níbi tó dúró sí. Nígbẹ̀yìn Ọ̀gá gba ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tó béèrè. Nípa ti òfin ọdún kan, wọ́n kọ ọ́ pé bí ilé ìwòsàn bá fúnra wọn béèrè fún Jẹ́jẹ́, ó lè bá wọn ṣe é, àmọ́ á máa fún Ọ̀gá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà títí ọdún yẹn á fi pé. Màmá ló fi ọwọ́ kọ ọ́. Kò sí ìlà tó wọ́.

Wọ́n pe Mẹ́trọ̀n.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” Jẹ́jẹ́ ní. “Èmi ni mo ṣe ìkànnì yín.”

Mẹ́trọ̀n béèrè: “Ta nìyí? Ọkùnrin yẹn dà?”

“Kò sí ọkùnrin kankan, mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni. Èmi ni ẹ pè ní ọmọ mi.”

“Ọ̀gá,” Mẹ́trọ̀n ní, “ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí, mà.”

“Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń gbàdúrà fún ẹni tí kò sí. O jẹ́ kí n máa gbàdúrà fún irọ́.” Kò pariwo rárá, ó sì dun Ọ̀gá ju kó pariwo lọ, ojú rẹ̀ fi í hàn. “Ọmọ mi obìnrin, ìgbà wo lo máa tún un ṣe tán?”

“Kó tó di ọ̀sán, mà.”

Ọ̀gá fi ìdajì owó náà ránṣẹ́, ó fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Jẹ́jẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dá ìtìpa náà padà, ó wá gbogbo orúkọ tó pàdé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́tàdínlógún ni, ó kó wọn ránṣẹ́ sáwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè pè wọ́n. Agogo méjìlá kò tíì lù nígbà tó parí. Ọ̀gá ti lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dùn. Owó ìyókù pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilé ìwòsàn fúnra wọn kọ̀wé béèrè fún Jẹ́jẹ́ lóṣù kejì, ó ń tọ́jú ìkànnì wọn báyìí, ó sì ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá fún Ọ̀gá lóṣooṣù, ó máa ń payín keke bó bá ń fi í ránṣẹ́. Àwòrán Ọ̀gá àti ife-ẹ̀yẹ ṣì wà lórí ayélujára. Wọn ò yọ ọkùnrin onírùngbọ̀n kúrò lára ògiri pẹ̀lú.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fáwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí orúkọ wọn máa wà lórí iṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun ṣì kórìíra kóun máa jókòó síwájú oníbàárà, owó tóun sì ń gbà ti tọ́ sóun. Mẹ́ta ni wọ́n, kò sì jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn tó ìdajì ohun tó ń wọlé fún un. Aránṣọ tuntun kan náà wà tó ń pè é ní àárọ̀ kùtù nípa òdòdó, ó ń gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kẹrin kan pè é nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Jẹ́jẹ́ sọ iye rẹ̀, ó sọ ìdajì tó fẹ́ ṣáájú, ó sọ pé òun kì í dúró de oníbàárà ẹlòmíràn kóun tó jẹun, ó sì sọ pé òun kì í jẹ́ orúkọ èèyàn mìíràn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní iye náà ti pọ̀ jù, àwọn yòókù kì í béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ẹ pe àwọn yòókù, sà,” ó ní. “Ẹ ṣé.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì, ó sì ń bá iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ lọ.